Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìwọ̀n Máàpù àti Ìlà Kọ́ńtọ̀, pẹ̀lú Ìdí tí Ìdáhùn Kọ̀ọ̀kan Fi Tọ̀nà

Ìwé ìdánrawò tí a fẹ́ tú palẹ̀ yìí jẹ́ irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń bá pàdé bí wọ́n bá ń múra ìdánwò ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì sílẹ̀. Máàpù kan ṣoṣo ni gbogbo ìbéèrè mẹ́wàá náà dúró lé. Ìwọ̀n máàpù náà jẹ́ 1:50,000. Wọ́n fi ìlà tín-ín-rín pín in sí àpótí-àpótí tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n sì fi kọ gíga ilẹ̀ sára àwọn ìlà kọ́ńtọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí ọ̀pọ̀ máàpù ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n tẹ̀ láyé àtijọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ bàtà àti kìlómítà ti pàdé yìí ni ọ̀pọ̀ máàkì ti ń sọnù.

Ẹni tó bá ṣètò ìbéèrè dáadáa kì í ṣàdédé kọ àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà sílẹ̀. Àṣìṣe kan pàtó ni ó máa ń bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdí nìyí tí a ó fi sọ ìdáhùn tó tọ̀nà, tí a ó sì tún sọ ọ̀nà tí èèyàn fi ń gúnlẹ̀ sórí èyí tí kò tọ̀nà, kí ẹni tó bá ṣì í lè rí oríta tí ó ti yà.

1. Lórí máàpù oníwọ̀n 1:50,000, sẹ̀ńtímítà kan dúró fún kìlómítà mélòó lórí ilẹ̀?

A. 50
B. 5
D. 0.5
E. 0.05

Ìdáhùn: D.

Ohun tí 1:50,000 ń sọ ni pé ohun yòówù tí a bá fi wọn máàpù, ìlọ́po 50,000 irú ohun kan náà ni ó wà lórí ilẹ̀. Bí a bá fi íǹṣì wọ̀n ọ́n, íǹṣì 50,000 ni. Bí a bá fi sẹ̀ńtímítà wọ̀n ọ́n, sẹ̀ńtímítà 50,000 ni. Nítorí pé 100 sẹ̀ńtímítà ni ó wà nínú mítà kan, sẹ̀ńtímítà 50,000 di 500 mítà. Nítorí pé 1,000 mítà ni ó wà nínú kìlómítà kan, 500 mítà di ìdajì kìlómítà, èyí tí a ń kọ ní 0.5.

Ẹni tó mú A ti ka 50,000 náà sí mítà láìmọ̀, ó sì fi 1,000 pín in. Ẹni tó mú B tàbí E mọ̀ pé ó yẹ kí òun pín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rántí iye òdo tó yẹ kó gé kúrò. Kìlómítà kan ní 100,000 sẹ̀ńtímítà nínú, òdo márùn-ún ni a sì ń gé. Ọ̀nà kan tún wà láti mọ̀ pé A kò lè rí bẹ́ẹ̀ kódà bí èèyàn bá gbàgbé ìṣirò: láti Èkó dé Ìbàdàn lójú ọ̀nà kò jìnnà ju nǹkan bí 130 kìlómítà lọ. Bí sẹ̀ńtímítà kan bá jẹ́ 50 kìlómítà, gbogbo ìrìn àjò náà kò ní tó sẹ̀ńtímítà mẹ́ta lórí máàpù, bẹ́ẹ̀ sì ni máàpù tí a ń wò yìí ń fi ilé-ẹ̀kọ́ kan àti ọjà kan ṣoṣo hàn wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Ojú ọ̀nà láti ọjà dé ilé-ẹ̀kọ́ gùn tó sẹ̀ńtímítà 7.4 lórí máàpù. Báwo ni ó ṣe gùn tó lórí ilẹ̀?

A. kìlómítà 3.05
B. kìlómítà 3.7
D. kìlómítà 14.8
E. kìlómítà 37

Ìdáhùn: B.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: sẹ̀ńtímítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì kìlómítà, ìdajì 7.4 sì ni 3.7. Ẹni tó mú D ti yí i po, ó fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ dípò kó fi 2 pín in. Ẹni tó mú E mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó gbé àmì ìdá mẹ́wàá sí ibi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀.

A ni ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìṣirò. Bí èèyàn bá gbé rúlà lé orí máàpù láti ọjà tààrà dé ilé-ẹ̀kọ́, sẹ̀ńtímítà 6.1 ni yóò rí, ìdajì rẹ̀ sì ni 3.05. Ìṣirò rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n béèrè kọ́ ni ó wọ̀n. Ojú ọ̀nà ni wọ́n béèrè, ojú ọ̀nà náà sì ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dé ẹnu ilé-ẹ̀kọ́. Etí bébà ni ó dára jù láti fi wọn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Fi igun bébà funfun kan sí ọjà, jẹ́ kí etí rẹ̀ bá ọ̀nà lọ títí dé ibi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ yà, kí o fi pẹ́ńsù fa àmì wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Wá fi orí pẹ́ńsù tẹ bébà náà mọ́ ojú àmì yẹn kí ó má bàa yẹ̀, kí o yí bébà títí etí rẹ̀ yóò fi bá apá ọ̀nà tó kàn mu, kí o sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí o bá dé òpin, gbogbo ọ̀nà tó ṣẹ́ kọ́rọ́kọ̀rọ̀ ti di ìlà gbọọrọ kan létí bébà, rúlà sì lè wọ̀n ọ́n. Àwọn mìíràn a máa lo òwú tí a fi omi rin díẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ máàpù. Òwú dára fún odò tó ń lọ́ kiri, àmọ́ ó máa ń nà bí a bá fà á, ohun tí a bá sì rí lè yàtọ̀ sí bí ó ṣe yẹ. Bí ìbéèrè bá sọ pé “ní ọ̀nà tààrà”, nígbà náà ni rúlà nìkan tó.

3. Èwo nínú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ni ó tóbi jù?

A. 1:10,000
B. 1:25,000
D. 1:50,000
E. 1:250,000

Ìdáhùn: A.

Àwọn tó ń mú E rí i pé 250,000 ni nọ́ńbà tó tóbi jù lójú, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ìdá ni ìwọ̀n máàpù. Ọ̀kan nínú 10,000 tóbi ju ọ̀kan nínú 250,000 lọ, nítorí náà máàpù 1:10,000 ni ó ya ohun gbogbo tóbi jù. Pápá ìṣeré kan tó gùn ní 100 mítà yóò gba sẹ̀ńtímítà kan odidi lórí máàpù 1:10,000, ṣùgbọ́n lórí 1:250,000 kò ní tó ìdajì mìlímítà, kò sì sẹ́ni tí yóò rí i. Ìwọ̀n ńlá ń fi ilẹ̀ kékeré hàn ní kíkún, ìwọ̀n kékeré ń fi ilẹ̀ tó fẹ̀ hàn ní ṣókí.

4. Wọ́n fi ẹ̀rọ fótókọ́pì sọ máàpù 1:50,000 di ńlá, tí gígùn àti ìbú rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì. Kí ni ìwọ̀n máàpù tuntun náà?

A. 1:100,000
B. 1:50,000
D. 1:25,000
E. 1:12,500

Ìdáhùn: D.

Ohun tó jẹ́ sẹ̀ńtímítà kan tẹ́lẹ̀ ti di sẹ̀ńtímítà méjì báyìí, ilẹ̀ kò sì yí padà: 500 mítà náà ni. Bí sẹ̀ńtímítà méjì bá jẹ́ 500 mítà, sẹ̀ńtímítà kan jẹ́ 250 mítà, èyí tí í ṣe sẹ̀ńtímítà 25,000. Ẹni tó mú A rò pé bí máàpù ti di ìlọ́po méjì, nọ́ńbà apá ọ̀tún náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó mú E ronú jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí i pé bébà tuntun náà fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ti àtijọ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n gígùn ni ìwọ̀n máàpù ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe bí ojú bébà ti fẹ̀ tó.

B ni ó ń dun èèyàn jù, nítorí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí ìdánwò kankan. Ìwé tó jáde láti inú ẹ̀rọ ṣì ń gbé “1:50,000” kiri, nítorí ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ohun tí a kọ síbẹ̀ kò jẹ́ òótọ́ mọ́. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tẹ máàpù láti orí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì fún un mọ́lẹ̀ kí ó lè gba ojú bébà. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi òtítọ́ inú ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀, kò sì ní bá ìdáhùn kankan mu.

Ohun méjì ló lè gbà á. Èkíní ni ìlà ìwọ̀n tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ máàpù, èyí tí a pín sí kìlómítà kìlómítà: bí bébà bá fẹ̀ ó fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bí bébà bá sún kì ó sún kì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà kò lè purọ́. Èkejì ni àwọn àpótí oníkìlómítà kan. Lórí máàpù 1:50,000 tó péye, ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà méjì gan-an. Gbé rúlà lé àpótí mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ara wọn. Sẹ̀ńtímítà 20 ni ó yẹ kí o rí. Bí o bá rí 17, àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà 1.7. Fi 1.7 pín 100,000, ìwọ̀n bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ yóò jẹ́ nǹkan bí 1:59,000, ohunkóhun tí wọn ì bá à kọ sí i lára. Mo gba gbogbo olùkọ́ tó bá ń ṣe ẹ̀dà máàpù fún kíláàsì níyànjú pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí kí wọ́n tó pín in.

5. Igbó ọba kan gùn ní sẹ̀ńtímítà 4, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 3 lórí máàpù náà. Báwo ni ilẹ̀ rẹ̀ ti tó, ní kìlómítà níbùú àti lóròó?

A. 12
B. 6
D. 3
E. 1.5

Ìdáhùn: D.

Kọ́kọ́ sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di kìlómítà kí o tó fi ọ̀kan lọ́ èkejì po: sẹ̀ńtímítà 4 di kìlómítà 2, sẹ̀ńtímítà 3 di kìlómítà 1.5, ìlọ́po méjèèjì sì jẹ́ 3. Àwọn tó mú B ti lọ́ 4 àti 3 po láti rí 12, wọ́n sì mú ìdajì rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìwọ̀n máàpù kàn.

6. Láàárín ìlà kọ́ńtọ̀ tó nípọn tí wọ́n kọ 1,000 sí àti èyí tó nípọn tí wọ́n kọ 1,250 sí, ìlà tín-ín-rín mẹ́rin ló wà tí a kò kọ nǹkan kan sí. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín ìlà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e?

A. 41.7
B. 50
D. 62.5
E. 250

Ìdáhùn: B.

Kọ́ńtọ̀ ni ìlà tó so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun. Ọ̀rọ̀ ìlà yìí wúlò ju ohun tí ó jọ lọ. Ní ọdún 1774, Nevil Maskelyne, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, lọ ṣe ìwádìí lórí òkè Schiehallion ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì láti mọ bí ayé ṣe wúwo tó, Charles Hutton, onímọ̀ ìṣirò, ni ó sì ṣe ìṣirò iṣẹ́ náà. Gíga tí wọ́n wọ̀n ní oríṣiríṣi ojú ibi lórí òkè náà pọ̀ débi pé òye rẹ̀ kò hàn bọ̀rọ̀, àfìgbà tí Hutton fi ìlà so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, tí bí òkè náà ṣe rí wá hàn kedere. Iṣẹ́ yẹn náà ni kọ́ńtọ̀ ń ṣe lórí máàpù wa.

Láti mọ iye tó wà láàárín ìlà méjì, àlàfo ni a ń kà, a kì í ka ìlà. Láti 1,000 dé ìlà tín-ín-rín àkọ́kọ́, àlàfo kan. Láàárín àwọn ìlà tín-ín-rín mẹ́rin, àlàfo mẹ́ta. Láti ìlà tín-ín-rín ìkẹyìn dé 1,250, àlàfo kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, 250 tí a fi 5 pín sì jẹ́ 50. D jáde láti ọwọ́ ẹni tó ka ìlà mẹ́rin tó rí láàárín, A láti ọwọ́ ẹni tó ka ìlà mẹ́fà pẹ̀lú àwọn tó nípọn, E sì jẹ́ ti ẹni tí kò pín nǹkan kan rárá. A tún lè fura sí 41.7 àti 62.5 fúnra wọn, nítorí àwọn tó ń ya máàpù máa ń lo iye tó ṣe é kà láìsí wàhálà, bí 10, 20, 50 tàbí 100. Nínú ìlà márùn-ún, ẹyọ kan ni wọ́n sì sábà máa ń mú nípọn, kí ojú lè rí i kíákíá.

7. Ìlà kọ́ńtọ̀ 1,500 ni ó yípo orí òkè náà, kò sì sí ìlà mìíràn nínú rẹ̀ tàbí nọ́ńbà gíga kankan lórí rẹ̀. Kí ni a lè sọ nípa ibi tó ga jù lórí òkè náà?

A. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1,500 gan-an
B. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1,525
D. Ó ju 1,500 lọ ṣùgbọ́n kò tó 1,550
E. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1,550

Ìdáhùn: D.

Ilẹ̀ tó wà nínú ìlà náà ga ju 1,500 lọ. Bí ó bá dé 1,550, wọn ì bá ti ya ìlà mìíràn síbẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ wa mọ nìyẹn. B wu ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí pé ó bọ́ sí àárín, ṣùgbọ́n máàpù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìméfò lásán ni.

8. Àwọn ìlà kọ́ńtọ̀ 900, 950, 1,000 àti 1,050 ṣẹ́ po bí lẹ́tà V, ṣóńṣó V kọ̀ọ̀kan sì kọjú sí ibi tí nọ́ńbà ti ń pọ̀ sí i. Kí ni ó wà níbẹ̀?

A. Apá òkè tó yọ gbọọrọ síta
B. Àfonífojì
D. Ògiri àpáta
E. Ibi tó lọ sílẹ̀ láàárín orí òkè méjì

Ìdáhùn: B.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ há èyí sórí, wọ́n sì gbé e sódì lọ́jọ́ ìdánwò, nítorí pé wọn kò mọ ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí a rìn ín. Kí a sọ pé a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfonífojì kan, ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 1,000, a sì fẹ́ lọ sí òdìkejì láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀. Bí a bá gba ọ̀nà tààrà, inú kòtò la ń wọ̀ lọ, a ó sì lọ sísàlẹ̀ 1,000. Kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a máa tọ ẹ̀gbẹ́ àfonífojì náà lọ sókè, lọ sí ìhà ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, títí a ó fi dé ibi tí ìsàlẹ̀ odò fúnra rẹ̀ ga tó 1,000. Níbẹ̀ ni a ó ti kọjá, tí a ó wá máa bọ̀ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ipa ẹsẹ̀ wa ni V, ṣóńṣó rẹ̀ sì kọjú sí òkè odò, níbi tí ilẹ̀ ti ga.

Lórí apá òkè tó yọ síta, ìdàkejì ni. Àárín ibẹ̀ ni ó ga ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ gòkè ní láti pẹ́ ẹ sílẹ̀ gba ìdí rẹ̀, ṣóńṣó V á sì kọjú sí ibi tí nọ́ńbà ti ń dín kù. A ni ẹni tó gbé e sódì máa ń mú. Ní ti D, àwọn ìlà ìbá sún mọ́ ara wọn débi pé wọn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ pọ̀; ní ti E, a ìbá rí àwọn ìlà tó yípo lọ́tùn-ún àti lósì, kí ilẹ̀ sì lọ sílẹ̀ láàárín wọn. Bí wọ́n bá ya odò sínú máàpù, ọ̀rọ̀ rọrùn, nítorí odò kì í gba orí òkè kọjá. Ibi tí kò sí odò ni a ti gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà, nítorí àwòrán V nìkan kò tó: àfonífojì àti apá òkè jọra bí ìbejì bí èèyàn kò bá wo apá ibi tí nọ́ńbà ń lọ.

9. Ojú ibi K ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1,050, ojú ibi R ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1,500, ọ̀nà tààrà láàárín wọn lórí máàpù sì jẹ́ sẹ̀ńtímítà 5.4. Kí ni ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀ láti K dé R?

A. 1:6
B. 1:8
D. 1:20
E. 20:1

Ìdáhùn: D.

Ìdagẹ̀rẹ́ ń sọ iye tí a gbọ́dọ̀ rìn kí a tó gòkè ní ẹyọ kan. Ohun méjì ni a nílò: gíga tó wà láàárín ibi méjèèjì, àti bí wọ́n ti jìnnà síra, kí a sì fi ohun kan náà wọn àwọn méjèèjì. Yọ 1,050 kúrò nínú 1,500, ó ku 450 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048, nítorí náà 450 jẹ́ nǹkan bí 137 mítà. Sẹ̀ńtímítà 5.4 lórí máàpù jẹ́ 2,700 mítà lórí ilẹ̀. Fi 137 pín 2,700, yóò fún wa ní 19.7, tí a lè kà sí 20.

Ẹni tó mú A ti fi 450 pín 2,700 láìwẹ̀yìn. Èsì rẹ̀ jẹ́ 6 gééré, èyí sì ń tan èèyàn jẹ, nítorí pé odidi nọ́ńbà ń dà bí ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n mítà ni ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà ni èkejì. Ọ̀nà kejì tún wà tí a lè gbà dé 1:6: bí èèyàn bá rántí sọ ẹsẹ̀ bàtà di mítà, àmọ́ tó lo gbogbo 1,500 dípò ìyàtọ̀, 457 mítà ni yóò rí, 2,700 tí a fi 457 pín sì sún mọ́ 6. Nítorí náà olùkọ́ tó bá rí 1:6 nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ní láti wo iṣẹ́ tó ṣe kí ó tó mọ àrùn tí yóò wò. B jẹ́ ti ẹni tó lo 1,050 gẹ́gẹ́ bí gíga. Ní ti E, ẹni náà ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì yí i po níkẹyìn. 20:1 yóò jẹ́ ilẹ̀ tó ga ní 20 mítà fún mítà kan péré, èyí tí ẹlẹ́sẹ̀ kò lè gùn.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí ìdáhùn yìí. 1:20 jẹ́ ti gbogbo ọ̀nà náà lápapọ̀. Nínú máàpù wa, àwọn kọ́ńtọ̀ 1,100 títí dé 1,350 kún ara wọn pẹ́kípẹ́kí ní ìtòsí K, wọ́n sì parí ní sẹ̀ńtímítà 1.2. Ìyẹn ni pé a gòkè ní 300 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí 91 mítà, láàárín 600 mítà péré. Ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ sún mọ́ 1:6.6. Ìyókù, láti 1,350 dé 1,500, gba 2,100 mítà fún nǹkan bí 46 mítà, ìyẹn bí 1:46. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ kò ní rí 1:20 níbì kankan: ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ le gan-an fún un, lẹ́yìn náà ni yóò wá rọrùn bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú.

10. Ṣé ẹni tó dúró ní K lè rí R?

A. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé R ga ju K lọ
B. Rárá, nítorí pé ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ga ju ìlà ojú lọ
D. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé kò sí òkè tó ga ju R lọ láàárín wọn
E. A kò lè mọ̀, nítorí pé máàpù kò sọ gíga àwọn igi

Ìdáhùn: B.

Ẹ fojú inú fa òkùn kan láti ojú ẹni tó wà ní K tààrà dé R. Bí ilẹ̀ bá ga ju òkùn náà lọ níbì kankan láàárín, kò ní rí R. Ojú ibi tó léwu jù ni ìparí apá tó le, ní sẹ̀ńtímítà 1.2 láti K, níbi tí ilẹ̀ ga ní 1,350. Báwo ni òkùn náà ga tó níbẹ̀? Ó ń gòkè ní 450 ẹsẹ̀ bàtà láàárín sẹ̀ńtímítà 5.4. Nítorí náà ní sẹ̀ńtímítà 1.2 yóò ti gòkè ní 450 tí a fi 1.2 sọ di púpọ̀ tí a sì fi 5.4 pín, èyí tí í ṣe 100. Òkùn wà ní 1,150, ilẹ̀ sì wà ní 1,350. Ilẹ̀ fi 200 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkùn lọ, gíga ẹni tó dúró ní K kò sì lè borí ìyẹn.

A àti D jọ ń ṣe àṣìṣe kan náà. Gíga R kò ṣe pàtàkì tó bí ilẹ̀ àárín ṣe rí. Kì í ṣe dandan kí ohun tó dí ojú ga ju ibi tí à ń wò lọ; kí ó ṣáà ti ga ju ìlà ojú lọ níbi tí ó wà. Láìṣe ìṣirò pàápàá, ìrísí kọ́ńtọ̀ ti lè tọ́ka sí ìdáhùn. Bí àwọn ìlà bá kún nísàlẹ̀ tí wọ́n sì fọ́n káàkiri lókè, òkè náà yọ ikùn síta, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í sì rí orí rẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri nísàlẹ̀ tí wọ́n sì kún lókè, òkè náà tẹ ikùn wọnú, ó sì ṣeé ṣe láti rí orí rẹ̀ láti ìdí.

Ìdáhùn E ní òótọ́ nínú, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tó mú un rò pé òun kò ronú. Lóòótọ́ ni kọ́ńtọ̀ ń sọ gíga ilẹ̀ nìkan, tí kò sọ ti igi tàbí ti ilé. Bí ó bá jẹ́ pé máàpù fi hàn pé ojú ríran láti K dé R, igi ìrókò kan tàbí ilé alájà mẹ́ta lè dí ojú, a kò sì ní lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ti dí ojú ná. Igi lè fi kún ohun tó dí ojú. Kò sí igi tó lè gbé òkè kúrò lọ́nà. Nítorí náà “a kò lè mọ̀” yóò tọ̀nà bí kọ́ńtọ̀ bá sọ pé ojú ríran, kò sì tọ̀nà bí kọ́ńtọ̀ bá ti sọ pé kò ríran.